Bí a ṣe ń ya lébẹ́ẹ̀lì, lógò àti ojú rírán jákẹ́ẹ̀tì jíǹsì fún olùyẹ̀wò tó wà lókèèrè

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkìríkà ni mo ń tà ní Kútọ̀, l'Ábẹ́òkúta. Mo rí jákẹ́ẹ̀tì jíǹsì Lífáìsì àtijọ́ kan nínú bẹ́ẹ̀lì, oníbàárà kan ní Èkó sì fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n ó ní kí ẹni tó máa ń bá òun yẹ ojúlówó wò kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi àwòrán ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló sì ní òun kò rí lébẹ́ẹ̀lì àti ojú rírán rẹ̀ dáadáa. Fóònù mi kò burú. Kí ni mò ń ṣe tí kò tọ́? Mo fi àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ìwé yìí.

Ìdáhùn: Mo ti wo àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òótọ́ sì ni pé fóònù yín kò burú. Ọ̀sán gangan ni ẹ ya ti àkọ́kọ́ nínú oòrùn, lébẹ́ẹ̀lì pupa tó wà létí àpò àyà òsì sì ti ṣá débi pé kò sí lẹ́tà kankan tí ojú lè mú lórí rẹ̀. Ìkejì, láti ìsàlẹ̀ ni ẹ ti gbé fóònù sókè yà á, nítorí náà ojú rírán tó wà nítòsí tóbi, èyí tó jìnnà sì kéré, bẹ́ẹ̀ ìlà kan náà ni. Inú ṣọ́ọ̀bù ni ẹ ti fi fíláàṣì ya ìkẹta, ohun tó sì hàn lórí lébẹ́ẹ̀lì funfun inú jákẹ́ẹ̀tì náà kò ju funfun tó ń kọ mọ̀nà lọ. Nǹkan kan náà ló ṣẹlẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: fóònù ni ẹ ń gbé kiri, ẹ sì fi ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ẹ ti bá a. Ẹ yí i padà. Kí fóònù dúró gan-an níwájú ohun tí ẹ ń yà, kí ó dojú kọ ọ́ tààrà, kí ìmọ́lẹ̀ wá di ohun tí ẹ óò máa gbé láti ẹ̀gbẹ́ kan sí òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí olùyẹ̀wò ń wá lára jákẹ́ẹ̀tì náà, nítorí ohun tó ń wá ló máa sọ irú ìmọ́lẹ̀ tí ẹ óò lò. Ọdún 1936 ni ilé iṣẹ́ Lífáìsì bẹ̀rẹ̀ sí rán lébẹ́ẹ̀lì pupa kékeré yẹn mọ́ ṣòkòtò wọn. Títí di ọdún 1971, lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń hun orúkọ wọn sórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí náà E ńlá ni lẹ́tà kejì. Láti ọdún náà ni ó ti di e kékeré. Àwọn tó ń kó aṣọ àtijọ́ jọ máa ń san owó tó pọ̀ gan-an lórí E ńlá yìí, ìdí nìyẹn tí oníbàárà yín kò fi fẹ́ fojú lásán rà á. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti padà rán àwọn ẹ̀dà aṣọ àtijọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi E ńlá sí wọn lára. Irú jákẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àtijọ́, owó rẹ̀ sì yàtọ̀. Èyí ló fà á tí olùyẹ̀wò fi máa ń wo inú aṣọ lẹ́yìn tó bá ti rí E náà. Ọdún 1972 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ní kí a rán ìlànà bí a ó ṣe fọ aṣọ mọ́ ara aṣọ títí ayé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí E ńlá bá wà lápò, tí lébẹ́ẹ̀lì ìlànà fífọ̀ tí a rán mọ́ ojú ìsopọ̀ láti ilé iṣẹ́ sì tún wà nínú, ẹ̀dà ìgbà ìkẹyìn ni olùyẹ̀wò yóò kọ́kọ́ fura sí. Lẹ́yìn èyí ni yóò wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn bọ́tìnnì, àti bí a ṣe rán ojú àpò. Nǹkan mẹ́rin nìyẹn: lébẹ́ẹ̀lì pupa, ojú rírán, lébẹ́ẹ̀lì inú, ẹ̀yìn bọ́tìnnì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀.

Ẹ kúrò nínú oòrùn. Ibi tó dára jù tí mo mọ̀ ni ẹnu ọ̀nà tàbí ìloro ilé tí oòrùn kò wọ̀ ṣùgbọ́n tí ojú ọ̀run hàn níbẹ̀, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá òwúrọ̀ tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí òjò ṣú ṣùgbọ́n tí kò tíì rọ̀ dára gan-an, nítorí ìkùukùu ti sọ gbogbo ojú ọ̀run di fìtílà ńlá kan tí kò ní òjìji líle. Ẹ pa gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ẹ bá ń lo ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run, nítorí bí ìmọ́lẹ̀ méjì tí àwọ̀ wọn kò dọ́gba bá pàdé lórí aṣọ, apá kan yóò pọ́n bí epo, apá kejì yóò dà bí búlúù, kámẹ́rà kò sì ní mọ èyí tí yóò tẹ̀ lé. Àwọn ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtọ́kú mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: aró tó mú dáadáa lójú ọ̀sán máa ń dà bí aṣọ tó ti gbó lábẹ́ gílóòbù pupa. Aró náà ni wọ́n fi pa jíǹsì yín láró, òwú aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n fi rán an sì ń tètè yí àwọ̀ padà nínú àwòrán ju aró náà lọ. Ẹ fi bébà funfun kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì, sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ nínú àwòrán kan ó kéré tán. Bí bébà náà bá funfun lójú olùyẹ̀wò, yóò gba àwọ̀ òwú náà gbọ́. Bí ó bá pọ́n, yóò mọ iye tí òun yóò yọ kúrò.

Ní ti fóònù, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ rírọ̀ nu ojú kámẹ́rà. Epo àkàrà tàbí òógùn ìka tó bá wà níbẹ̀ máa ń bo àwòrán bí ìkùukùu, ó sì máa ń mú kí ìmọ́lẹ̀ ràn káàkiri etí lẹ́tà. Lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe sún mọ́ aṣọ jù. Kámẹ́rà ńlá fóònù púpọ̀ kò lè rí ohun tó sún mọ́ ọn ju nǹkan bíi ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ, tí ẹ bá sì sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń ṣe bàìbàì, ẹ ó sì rò pé fóònù ló burú. Ẹ dúró ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, kí ẹ tẹ 2x lójú fóònù. Jíjìnnà yìí ṣe nǹkan kejì fún yín: kì í jẹ́ kí ohun tó wà nítòsí wú ju èyí tó wà lẹ́yìn lọ, èyí tó ba àwòrán kejì yín jẹ́. Nínú fóònù olówó pọ́ọ́kú, kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń pè ní Macro kì í sábà mú nǹkan tó kámẹ́rà ńlá. Ẹ fi méjèèjì ya nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ fi wéra, ẹ ó sì mọ èyí tí ẹ óò máa lò.

Ẹ tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì náà sórí tábìlì, kí ẹ to agolo mílíìkì tàbí ìwé sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ títí fóònù yóò fi lè dùbúlẹ̀ lórí wọn bí afárá, kí ojú kámẹ́rà sì wo ilẹ̀ tààrà. Ẹ fi àsìkò ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta sí i kí ó fúnra rẹ̀ yà á, nítorí ìka tó ń tẹ fóònù náà ló ń mì ín. Ẹ pa fíláàṣì. Ẹ pa Beauty tó ń mú kí ojú ènìyàn máa dán, ẹ pa Portrait tó ń sọ ẹ̀yìn àwòrán di bàìbàì, ẹ má sì lo Night, ìyẹn ti òru. Ti òru yìí ló fìyà jẹ mí rí. Mo fi í ya lébẹ́ẹ̀lì híhun kan ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná ti lọ, àwòrán náà sì mọ́ lójú mi débi pé inú mi dùn. Olùyẹ̀wò dá a padà pé lébẹ́ẹ̀lì náà dà bí èyí tí a tẹ̀ dípò kí a hun ún. Fóònù ló ti pa àwòrán púpọ̀ pọ̀ sí ọ̀kan, tó sì ti fọwọ́ pa àwọn òwú kéékèèké rẹ́, bí ẹni fi ọwọ́ tẹ́ iyanrìn. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá kí n tó tún un yà, oníbàárà sì ti ra òmíràn.

Ó wá kan lébẹ́ẹ̀lì pupa náà. Ó kéré ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó sì sábà máa ń ká jọ lẹ́yìn fífọ̀ ọdún púpọ̀. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, nítorí ó lè tẹ òwú rẹ̀ pẹlẹbẹ tàbí kí ó mú kí ó máa dán. Ẹ fi ìka nà án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi ohun pẹlẹbẹ kan bíi káàdì tì í lábẹ́ kí ó lè dọ́gba pẹ̀lú ojú kámẹ́rà. Ẹ tẹ ojú fóònù lórí lébẹ́ẹ̀lì náà gan-an, kí ẹ di ìka mú níbẹ̀ títí yóò fi sọ pé òun ti tì í pa (AE/AF LOCK ni fóònù míì máa ń kọ), kí ẹ wá fa àmì oòrùn kékeré tó bá jáde sísàlẹ̀ díẹ̀. Ìdí fífà á sísàlẹ̀ yìí ṣe pàtàkì: jíǹsì dúdú ló gba ọ̀pọ̀ ojú àwòrán, kámẹ́rà sì rò pé òkùnkùn ti pọ̀ jù, ó wá tan gbogbo rẹ̀ sókè títí pupa fi ṣá tí lẹ́tà funfun sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá fà á sísàlẹ̀, jíǹsì yóò ṣókùnkùn ju bó ṣe rí lójú lọ, ẹ má jẹ́ kó dààmú yín, lébẹ́ẹ̀lì ni a ń wá. Ẹ ya ojú rẹ̀ méjèèjì. Kí ẹ tún mọ̀ pé lébẹ́ẹ̀lì pupa míì wà tó jẹ́ ojúlówó tí kò ní orúkọ rárá, tí kò ju àmì R inú òbíríkítí kan lọ. Tí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ yà á bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe jù ú nù.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti tó? Ẹ ṣí àwòrán náà, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ títí lébẹ́ẹ̀lì náà yóò fi gba ojú fóònù. Tí ẹ bá lè rí òwú tó kọjá lórí òwú, tí etí E sì jẹ́ àkàbà kékeré bí iṣẹ́ òfì ṣe máa ń rí, olùyẹ̀wò yóò rí i. Tí etí E bá ń yọ̀ bí ọṣẹ, ẹ tún un yà.

Ojú rírán ni mo fẹ́ kí ẹ fún ní àkókò jù, nítorí níbẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó bá ti gun Olúmọ ní òwúrọ̀ yóò ti rí bí gbogbo ìlà àti kòtò ara àpáta náà ṣe ń hàn nígbà tí oòrùn ṣì wà nílẹ̀. Bó bá di ọ̀sán, tí oòrùn dé àtàrí, àpáta kan náà yóò dà bí ògiri tí a rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni òwú lórí aṣọ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti òkè wá kì í fi bí òwú ṣe ga tó hàn, tàbí bí ó ṣe rì wọ inú aṣọ níbi tí abẹ́rẹ́ ti gún un. Èyí tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rá lórí tábìlì, yóò fún ojú rírán kọ̀ọ̀kan ní òjìji tirẹ̀. Ẹ jókòó sínú ilé ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kan ṣoṣo, kí ẹ ti ìyókù, kí ìlà òwú náà sì dábùú ìmọ́lẹ̀. Tí ìlà náà bá ń lọ láti òkè sí ìsàlẹ̀, kí fèrèsé wà ní òsì tàbí ọ̀tún rẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń tẹ̀ lé ìlà náà ní gígùn rẹ̀, òjìji yóò bọ́ sórí òwú tó tẹ̀ lé e, kò sì sí ohun tí ẹ ó rí. Bí apá tó jìnnà sí fèrèsé bá ṣókùnkùn jù, ẹ gbé bébà funfun dúró sí ẹ̀gbẹ́ yẹn kí ó dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ní alẹ́, tọ́ọ̀ṣì fóònù kejì tí ẹ gbé sílẹ̀ lórí tábìlì náà, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí aṣọ, lè ṣe iṣẹ́ kan náà, bí gbogbo iná yòókù bá ti kú. Àwọn gílóòbù àti iná ṣájì kan wà tó máa ń ta ìlà dúdú sí àwòrán. Tí ẹ bá rí ìlà yìí lójú fóònù, ẹ pààrọ̀ iná náà, kò sí àtúnṣe tó ń mú un kúrò lẹ́yìn náà.

Ẹ na tépù tẹ́lọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà, kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn. Olùyẹ̀wò yóò ka iye ojú rírán tó wà nínú ínǹṣì kan, ẹ̀yin náà sì lè kà á ṣáájú rẹ̀. Kí tépù náà tẹ́ sórí aṣọ gan-an, kí ó má lékè, kí ìwọ̀n náà má baà ṣì. Lẹ́yìn náà, ẹ yí aṣọ padà kí ẹ ya inú ibì kan náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sílẹ̀ nìyí, ó sì dùn mí nítorí inú ló ń sọ irú ẹ̀rọ tí a fi rán an: rírán tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tẹ́lọ̀ wa rí bákan náà níta àti nínú, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀rọ ẹlẹ́wọ̀n rán dà bí ẹ̀wọ̀n kékeré tó so mọ́ ara wọn bí ẹ bá wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ti tún ibì kan rán, inú náà ni yóò ti kọ́kọ́ hàn, nítorí òwú tuntun yóò máa dán láàárín òwú tó ti ṣá. Ẹ má fi irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ pamọ́. Ẹ yà á.

Lébẹ́ẹ̀lì inú yín ti ṣá, ìdí sì nìyẹn tí fíláàṣì fi jẹ ìyókù ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi rán an mọ́ aṣọ, nítorí náà ẹ lè gbé e kúrò lára jíǹsì kí ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Níbi tí tàdáwà bá ṣẹ́ kù sí, ìmọ́lẹ̀ kò ní rọrùn kọjá, lẹ́tà tí ojú kò rí lórí tábìlì yóò sì jáde bí ìgbà tí a gbé owó bébà sókè wo àwòrán inú rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi bébà funfun kan sáàárín tọ́ọ̀ṣì àti lébẹ́ẹ̀lì kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn kárí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tẹ ọ̀rọ̀ sí ojú méjèèjì, ti ẹ̀yìn yóò yọ mọ́ ti iwájú, yóò sì dojú rú. Nígbà náà, ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀: ẹ fi bébà dúdú tàbí ọ̀rá dúdú tí kò dán sẹ́yìn lébẹ́ẹ̀lì, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti iwájú ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ṣe fi bírò tọ lẹ́tà kankan tó ti parẹ́, kódà bó bá dá yín lójú.

Bọ́tìnnì kò ní gba àkókò púpọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nínú aṣọ ni nọ́ńbà tí a tẹ̀ wọ irin máa ń wà, irin sì máa ń dán, nítorí náà ẹ gbé fóònù dúró tààrà lókè rẹ̀, kí ẹ máa yí tọ́ọ̀ṣì po bọ́tìnnì náà nílẹ̀ pẹ̀lú bébà funfun níwájú tọ́ọ̀ṣì, títí òjìji yóò fi kún inú kòtò nọ́ńbà náà. Ibì kan yóò wà tí yóò hàn kedere lójijì. Níbẹ̀ ni kí ẹ dúró. Tí ó bá ti dípẹtà, ẹ fi òwú gbígbẹ nù ún, ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ to àwòrán náà kí olùyẹ̀wò lè mọ̀ pé aṣọ kan ṣoṣo ni wọ́n ti wá: gbogbo jákẹ́ẹ̀tì lákọ̀ọ́kọ́ pẹ̀lú bébà kékeré tí ẹ fọwọ́ kọ ọjọ́ òní sí, lẹ́yìn náà odindi àpò àyà, kí ó wá kan lébẹ́ẹ̀lì pupa pẹ̀lú etí àpò tó ṣì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwòrán lẹ́tà lásán tí kò fi ibi tó wà hàn lè jẹ́ ti aṣọ ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe fi wọ́n ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe ń fi fọ́tò ìyàwó ránṣẹ́, nítorí yóò sọ wọ́n di kékeré, àwọn òwú tí ẹ ṣe wàhálà lé lórí yóò sì dà pọ̀. Ẹ tẹ àmì tí a fi ń so fáìlì mọ́ ọ̀rọ̀, ẹ yan Document, kí ẹ wá mú àwòrán náà níbẹ̀, yóò lọ bó ṣe wà. Ẹ má ṣe fi àwòrán tí ẹ yà lójú fóònù, ìyẹn sikirinṣọ́ọ̀tì, rọ́pò rẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí àwòrán kò lè ṣe. Kò lè jẹ́ kí olùyẹ̀wò mọ bí aṣọ náà ṣe wúwo tó, kò sì lè fi dá a lójú pé kò sí ẹni tó tú lébẹ́ẹ̀lì pupa ojúlówó kúrò lára ṣòkòtò kan tó wá rán an mọ́ jákẹ́ẹ̀tì yìí. Fún èyí, ẹ fi àwòrán kan kún un: ibi tí lébẹ́ẹ̀lì náà ti wọ inú ojú rírán àpò, pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́, níta àti nínú. Bí wọ́n bá ti tú ibẹ̀ rí, ihò abẹ́rẹ́ àtijọ́ tí òwú kò gba inú rẹ̀ mọ́ sábà máa ń wà níbẹ̀. Bí olùyẹ̀wò bá rí gbogbo èyí tó sì ní òun kò tíì lè dájú, ẹ gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ fún oníbàárà yín bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì jọ dá iye owó rẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí jákẹ́ẹ̀tì tí a kò tíì fi ọdún rẹ̀ múlẹ̀.